Bí a ṣe ń fi àṣẹ́kù mọ ọjọ́ tí ọgọ́rùn-ún ọjọ́ yóò bọ́ sí

Láti ọdún 1999 ni ó ti jẹ́ pé ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ni wọ́n ń búra fún ààrẹ ní Nàìjíríà. Bí ìbúra bá ti parí, àwọn èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọgọ́rùn-ún ọjọ́ àkọ́kọ́. Ní ọdún 2023, ọjọ́ Ajé ni ìbúra náà bọ́ sí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ọjọ́ tí ọgọ́rùn-ún ọjọ́ yóò pé lè ṣí kàlẹ́ńdà, kó máa fi ìka tọ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan láti oṣù karùn-ún títí dé oṣù kẹsàn-án. Ṣùgbọ́n bó bá fo ọjọ́ kan péré, tàbí tó ka ọjọ́ kan lẹ́ẹ̀mejì níbi tó ti ń ṣí ojú ewé, ìdáhùn rẹ̀ ti bàjẹ́, kò sì ní mọ̀. Ọ̀nà kan wà tí kò gba kàlẹ́ńdà, tí èèyàn lè ṣe lọ́kàn. Àṣẹ́kù ni ó dá lé.

Ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje ń yí po ni. Bí òní bá jẹ́ ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn ọjọ́ méje a ó tún bá ọjọ́ Ajé. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rìnlá, Ajé náà ni. Lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlélógún, Ajé náà ni. Ọ̀sẹ̀ tó bá ti pé kì í sún wa kúrò lórí ọjọ́ tí a wà, ì báà jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan, ì báà jẹ́ ẹgbẹ̀rún. Ìwọ̀nba ọjọ́ tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí a bá ti yọ gbogbo ọ̀sẹ̀ tó pé kúrò ló ń sún wa. Nínú ọgọ́rùn-ún, ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá ló pé, ìyẹn ọjọ́ 98. Méjì ló ṣẹ́ kù. Nítorí náà, ọjọ́ méjì ni a ó fi sún síwájú láti ọjọ́ Ajé: Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú. Ọjọ́rú ni ọgọ́rùn-ún ọjọ́ pé.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ìyókù ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ bí a ṣe lè ṣe é láìṣìṣe, nítorí ibi tí àwọn èèyàn ti máa ń ṣì í kì í ṣe ibi tí wọ́n ń fọkàn sí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mú ọjọ́ tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ dájú

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ọjọ́ oṣù àti orúkọ ọjọ́ nínú ọ̀sẹ̀. Ẹ má gbé e lé ohun tí ẹ rántí. Bí ìbẹ̀rẹ̀ bá fi ọjọ́ kan yẹ̀, òpin náà á fi ọjọ́ kan yẹ̀, kò sì sí ìṣirò kankan tó lè tún un ṣe. Ẹni tó wà ní Houston tó ń bá àwọn ará ilé ní Ìbàdàn ṣètò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè pé òní ti ta ni wọ́n ń lò. Bí aago méjìlá òru bá ti lù ní Ìbàdàn, ọjọ́ tuntun ti wọlé níbẹ̀, nígbà tí ó ṣì jẹ́ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ àná ní Houston.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ yọ àwọn méje kúrò

Ẹni tó mọ ìsodipúpọ̀ méje dáadáa á rí i lójú ẹsẹ̀ pé méje lọ́nà mẹ́rìnlá jẹ́ 98. Ẹni tí kò rántí rẹ̀ lè yọ ọ́ ní ìdì ńlá ńlá. Ẹ kọ́kọ́ yọ 70, nítorí ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ni, ó ku 30. Ẹ yọ 28, ó ku 2. Ìdì tó bá rọ̀ yín lọ́rùn ni kí ẹ yọ, kò sí ìyàtọ̀, bí iye tí ẹ ń yọ bá ṣáà ti jẹ́ ọ̀sẹ̀ tó pé.

Ọ̀nà kan tún wà tó jáde láti inú bí a ṣe ń ka nǹkan ní Yorùbá, òun sì ni mo fẹ́ràn jù. Ogún márùn-ún ni ọgọ́rùn-ún. Ẹ wo ogún kan: ọ̀sẹ̀ mẹ́ta jẹ́ mọ́kànlélógún, nítorí náà ogún jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó dín ọjọ́ kan. Bí ogún kan bá dín ọ̀kan, ogún márùn-ún dín márùn-ún. Ọgọ́rùn-ún ọjọ́ jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ó dín ọjọ́ márùn-ún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún á gbé wa padà sórí ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀, a ó wá fi ọjọ́ márùn-ún padà sẹ́yìn. Láti ọjọ́ Ajé, padà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀marùn-ún: Àìkú, Àbámẹ́ta, Ẹtì, Ọjọ́bọ̀, Ọjọ́rú. Ọjọ́rú náà ni. Lórí òbìrípo ọlọ́jọ́ méje, ẹni tó padà sẹ́yìn ní ìgbésẹ̀ márùn-ún àti ẹni tó lọ síwájú ní ìgbésẹ̀ méjì á pàdé ní ibì kan náà, torí pé márùn-ún àti méjì ló di méje.

Ohun tó dára nínú ọ̀nà yìí ni pé kò pin sí ọgọ́rùn-ún. Ọgọ́ta jẹ́ ogún mẹ́ta, ó dín mẹ́ta: ẹ padà sẹ́yìn ní mẹ́ta, tàbí kí ẹ lọ síwájú ní mẹ́rin. Ọgọ́rin jẹ́ ogún mẹ́rin, ó dín mẹ́rin: ẹ lọ síwájú ní mẹ́ta. Igba jẹ́ ogún mẹ́wàá, ó dín mẹ́wàá. Mẹ́wàá ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, ẹ yọ méje nínú rẹ̀, ó ku mẹ́ta: ẹ padà sẹ́yìn ní mẹ́ta. Orúkọ nọ́ńbà náà fúnra rẹ̀ ló ń sọ iye ogún tó wà nínú rẹ̀ fún yín.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ sún ọjọ́ náà

Lórí méjì, ìka tó. Ṣùgbọ́n bí àṣẹ́kù bá jẹ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà, ó dára kí a fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Ẹ fi òdo fún ọjọ́ Àìkú, 1 fún Ajé, 2 fún Ìṣẹ́gun, 3 fún Ọjọ́rú, 4 fún Ọjọ́bọ̀, 5 fún Ẹtì, 6 fún Àbámẹ́ta. Ẹ ro àṣẹ́kù mọ́ nọ́ńbà ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀. Bí àpapọ̀ bá tó méje tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ yọ méje kúrò. Ìdí tí a fi bẹ̀rẹ̀ láti orí òdo ni pé àṣẹ́kù méje kò lè ju mẹ́fà lọ, ó sì lè jẹ́ òdo. Bí ẹ bá fi 1 fún Àìkú, ọjọ́ Àbámẹ́ta á di 7, ẹ ó sì máa bá òdo pàdé tí kò ní orúkọ.

Ẹ jẹ́ ká fi ọjọ́ tí Nàìjíríà gba òmìnira dán an wò. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1960. Nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 6. Ẹ fi 2 kún un, ó di 8. Ẹ yọ 7, ó ku 1, ọjọ́ Ajé. Ọgọ́rùn-ún ọjọ́ lẹ́yìn òmìnira bọ́ sí ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 9 oṣù kìíní ọdún 1961.

Ní ibi tí ẹ ti ń fi ìka kà, ẹ ṣọ́ra fún ohun kan: ẹ má ka ọjọ́ tí ẹ dúró lé. Bí ẹ bá dúró lórí ọjọ́ Ajé, ìka àkọ́kọ́ tí ẹ ó ká ni Ìṣẹ́gun. Ẹni tó bá ká ìka kan fún Ajé, tó ká èkejì fún Ìṣẹ́gun, á dúró síbẹ̀, á sì sọ pé Ìṣẹ́gun ni.

Ibi tí ìṣirò wa àti ti kàlẹ́ńdà ti yàtọ̀

Kì í ṣe àìmọ̀ ló ń fa àṣìṣe yẹn. Bí Yorùbá ṣe ń ka ọjọ́ ló fà á. Ní èdè wa, ọjọ́ tí a wà ni ọjọ́ kìíní. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pe ọjọ́ tó ṣáájú àná ní ìjẹta: òní jẹ́ ọ̀kan, àná jẹ́ méjì, òun ni ó ṣe ìkẹta. Ìdí nìyẹn tí ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ Ajé fi ń gba orúkọ lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, tí a sì ń pe ọjọ́ náà ní ọjọ́ kẹjọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ méje ló wà láàárín. Ọjà tí à ń pè ní ọlọ́jọ́ márùn-ún, ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n ń ná an.

Nítorí náà, bí àgbàlagbà kan bá sọ pé "òní ọgọ́rùn-ún ọjọ́", kì í ṣe ọjọ́ ọgọ́rùn-ún lẹ́yìn òní ni ó ń sọ. Òní wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ 99 ni a ó fi sún. Nínú 99, 98 jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá, ọ̀kan ló ṣẹ́ kù. Láti ọjọ́ Ajé, Ìṣẹ́gun ni a ó bọ́ sí, kì í ṣe Ọjọ́rú.

Ìdáhùn méjèèjì ló tọ̀nà, ìbéèrè wọn ni kò rí bákan náà. Ẹni tó bá ń béèrè ọjọ́ tó jẹ́ ìkọgọ́rùn-ún tí ìjọba náà lò lórí àléfà ń ka ọjọ́ ìbúra mọ́ ọn, nítorí ọjọ́ yẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Tirẹ̀ ni Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 5 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Ẹni tó bá ń béèrè ọjọ́ tí ọgọ́rùn-ún ọjọ́ ti kọjá lẹ́yìn ìbúra, tirẹ̀ ni Ọjọ́rú, ọjọ́ 6. Kí ẹ tó fi ẹnu sọ ìdáhùn kankan, ẹ bi ẹni tó ń béèrè pé: ṣé ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ wà nínú rẹ̀? Bó bá wà níbẹ̀, ẹ yọ ọ̀kan kúrò nínú nọ́ńbà náà kí ẹ tó wá àṣẹ́kù. Mo gbà pé ìbéèrè kan ṣoṣo yìí ṣe pàtàkì ju gbogbo ìṣirò tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí lọ. Nínú ìwé ìpè, ẹ kọ orúkọ ọjọ́ àti ọjọ́ oṣù pa pọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà kà á ní tirẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ wá ọjọ́ oṣù, kí ẹ sì fi yẹ orúkọ ọjọ́ wò

Àṣẹ́kù sọ orúkọ ọjọ́ fún wa, kò sọ ọjọ́ oṣù. Láti rí ọjọ́ oṣù, a nílò iye ọjọ́ tó wà nínú oṣù kọ̀ọ̀kan. Ẹ di ẹ̀ṣẹ́ ọwọ́ òsì. Oríkèé mẹ́rin á yọ sókè, kòtò mẹ́ta á wà láàárín wọn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti oríkèé ìka ìlábẹ̀: oṣù kìíní bọ́ sórí oríkèé, oṣù kejì sínú kòtò, oṣù kẹta sórí oríkèé, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Oṣù keje á bọ́ sórí oríkèé ọmọńdinrín, níbi tí oríkèé ti tán. Ẹ padà sí oríkèé ìka ìlábẹ̀, kí ẹ fi oṣù kẹjọ bẹ̀rẹ̀ lọ́tun. Oṣù tó wà lórí oríkèé ní ọjọ́ 31. Èyí tó wà nínú kòtò ní 30, àfi oṣù kejì tó ní 28 tàbí 29.

Ẹ wá máa kó wọn jọ láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún. Oṣù karùn-ún fúnra rẹ̀ ku ọjọ́ 2. Oṣù kẹfà mú 30 wá, ó di 32. Oṣù keje mú 31 wá, ó di 63. Oṣù kẹjọ mú 31 wá, ó di 94. Ó ku 6 kí ó tó pé ọgọ́rùn-ún, ọjọ́ 6 oṣù kẹsàn-án nìyẹn.

Báwo la ṣe mọ̀ pé ọjọ́ 6 oṣù kẹsàn-án yìí jẹ́ Ọjọ́rú lóòótọ́? Ẹ wá ọjọ́ mìíràn nítòsí tí ẹ mọ orúkọ rẹ̀ láti ibòmíràn. Ọjọ́ òmìnira ọdún 2023, ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá, bọ́ sí ọjọ́ Àìkú. Láti ọjọ́ 6 oṣù kẹsàn-án dé ibẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 25. Ẹ yọ 21, ó ku 4. Láti Ọjọ́rú, ìgbésẹ̀ mẹ́rin: Ọjọ́bọ̀, Ẹtì, Àbámẹ́ta, Àìkú. Ó bára mu. Bí kò bá bára mu, tí ó sì jẹ́ ọjọ́ kan ni ó fi yẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wo ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ bóyá ẹ kà á mọ́ ọn. Bí ibẹ̀ bá dára, tàbí tó fi ju ọjọ́ kan lọ yẹ̀, ẹ tún iye ọjọ́ inú oṣù kọ̀ọ̀kan yẹ̀ wò.

Àwọn kan máa ń fo ìgbésẹ̀ yìí, wọ́n á ní ọgọ́rùn-ún ọjọ́ jẹ́ oṣù mẹ́ta àti ọjọ́ mẹ́wàá. Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún, oṣù mẹ́ta á gbé wọn dé ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ, ọjọ́ mẹ́wàá á sì gbé wọn dé ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án, ọjọ́ Ẹtì. Ọjọ́ 102 ni wọ́n kà, nítorí oṣù keje wà nínú rẹ̀, oṣù karùn-ún náà sì ní ọjọ́ 31.

Ọdún tí oṣù kejì ní ọjọ́ 29 kì í yí orúkọ ọjọ́ padà, bí a bá ti mọ orúkọ ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀. Ọgọ́rùn-ún ni ọgọ́rùn-ún, àṣẹ́kù rẹ̀ kò ju méjì lọ. Ọjọ́ oṣù ló ń yí. Ọjọ́ Ajé ni ọjọ́ 24 oṣù kejì ọdún 2025, ọjọ́ tí wọ́n búra fún gómìnà ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ọgọ́rùn-ún ọjọ́ lẹ́yìn rẹ̀ bọ́ sí Ọjọ́rú, ọjọ́ 4 oṣù kẹfà. Ní ọdún 2028, ọjọ́ 24 oṣù kejì yóò jẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ọgọ́rùn-ún ọjọ́ lẹ́yìn rẹ̀ yóò sì jẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 3 oṣù kẹfà: orúkọ ọjọ́ ṣì fi méjì sún, ṣùgbọ́n ọjọ́ oṣù fi ọ̀kan dín, nítorí ọjọ́ 29 oṣù kejì jẹ ọ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún náà.

Ẹ̀tàn tó wà lójú ẹ̀rọ ìṣirò

Bí ẹ bá tẹ 100 ÷ 7 sórí ẹ̀rọ ìṣirò, ohun tí ẹ ó rí ni 14.2857142. Ẹni tó bá rí 2 lẹ́yìn póìntì á sọ pé àṣẹ́kù nìyẹn, ìdáhùn rẹ̀ á sì tọ̀nà. Ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni. Ẹ tẹ 103 ÷ 7, ẹ ó rí 14.7142857. Àṣẹ́kù kò lè jẹ́ 7, 5 ni. Ohun tó wà lẹ́yìn póìntì kì í ṣe àṣẹ́kù, ìdá ọ̀sẹ̀ kan ni. Nígbà tí àṣẹ́kù bá jẹ́ 1 tàbí 2 nìkan ni nọ́ńbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn póìntì ń bá a dọ́gba. Ọgọ́rùn-ún wá bọ́ sí ibi tó ń tan èèyàn jẹ gan-an, torí ẹni tó bá fi í kọ́ ọ̀nà yìí á rò pé òun ti mọ̀ ọ́n. Ọ̀nà tó tọ́ ni kí ẹ mú 14 tó wà níwájú póìntì, kí ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 7, kí ẹ yọ 98 tí ẹ rí kúrò nínú 100.

Bí a bá ń padà sẹ́yìn

Láti mọ orúkọ ọjọ́ tó jẹ́ ọgọ́rùn-ún ọjọ́ sẹ́yìn, àṣẹ́kù kan náà ni, ẹ kàn yí ojú rẹ̀ padà: ìgbésẹ̀ méjì sẹ́yìn. Láti Ọjọ́rú, Ìṣẹ́gun, Ajé. Lórí kọ̀ǹpútà, ibí ni ó ti máa ń dààmú àwọn tó ń kọ ètò. Nínú èdè kọ̀ǹpútà Python, níbi tí àmì `%` ti ń wá àṣẹ́kù, `-100 % 7` á fún yín ní `5`. Nínú C àti JavaScript, á fún yín ní `-2`. Bí ẹ bá fi `-2` wá orúkọ ọjọ́ nínú àkójọ ọlọ́jọ́ méje, ètò náà lè má rí nǹkan kan. Ẹ fi 7 kún un, kí ẹ tún wá àṣẹ́kù rẹ̀:

```javascript
((d - 100) % 7 + 7) % 7
```

`d` níbẹ̀ ni nọ́ńbà ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀, láti 0 dé 6. Bí ẹ bá sì fẹ́ kí kọ̀ǹpútà wá ọjọ́ iwájú fún yín, ọjọ́ ni kí ẹ fi kún ọjọ́, ẹ má fi wákàtí 2,400 kún un:

```python
from datetime import date, timedelta
print(date(2023, 5, 29) + timedelta(days=100))
```

Ní Nàìjíríà, wákàtí 2,400 kò ní da nǹkan rú, nítorí a kì í yí aago padà. Ní Lọ́ńdọ̀nù, aago máa ń padà sẹ́yìn ní wákàtí kan ní ìparí oṣù kẹwàá. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti aago méjìlá òru tó mú ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024 wọlé, tó fi wákàtí 2,400 kún un, á dé aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ 9 oṣù kejìlá, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ 10 ni ó yẹ kó dé. Ètò náà á wá sọ pé ọjọ́ Ajé ni dípò Ìṣẹ́gun.

Ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́rin

Ẹni tó ń ka ọjọ́ òrìṣà tàbí ọjọ́ ọjà lè lo ọ̀nà yìí kan náà, kó fi 4 rọ́pò 7. Nínú ọgọ́rùn-ún, mẹ́rin wà níbẹ̀ lọ́nà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n géérégé, kò sí àṣẹ́kù. Bí òní bá jẹ́ ọjọ́ Ifá, ọgọ́rùn-ún ọjọ́ lẹ́yìn òní jẹ́ ọjọ́ Ifá náà. Èyí fún wa ní ọ̀nà kan láti yẹ iṣẹ́ wa wò. Ìtàdógún tí àwọn àgbà ń kà, tí òní wà nínú mẹ́tàdínlógún rẹ̀, jẹ́ ọjọ́ 16 lẹ́yìn òní. Nínú 16, ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje méjì ló pé, ọjọ́ méjì ló ṣẹ́ kù, bíi ti ọgọ́rùn-ún. Mẹ́rin sì wà nínú rẹ̀ lọ́nà mẹ́rin láìṣẹ́ku. Nítorí náà, ọjọ́ tí ìtàdógún òní bá bọ́ sí, ọjọ́ náà ni ọgọ́rùn-ún ọjọ́ lẹ́yìn òní yóò bọ́ sí, nínú ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje àti nínú ti ọlọ́jọ́ mẹ́rin. Ẹgbẹ́ tó ń pàdé ní ìtàdógún ti ní ìdáhùn yìí lọ́wọ́ láìṣírò.

Ìbúra tó kàn bọ́ sí ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2027, ọjọ́ Àbámẹ́ta. Nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 6. Ẹ fi 2 kún un, ó di 8. Ẹ yọ 7, ó ku 1. Ọjọ́ Ajé ni, ọjọ́ 6 oṣù kẹsàn-án. Bí ẹ bá ka ọjọ́ ìbúra mọ́ ọn, ọjọ́ 5 ni, ọjọ́ Àìkú, nígbà tí ilé iṣẹ́ ìjọba wà ní títì.